Bí ara ọmọ kékeré bá gbóná janjan lóru, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ ọ̀kún o. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn ìyá ọmọ ní Kàbà, Búnú, Ìjùmú àti Yàgbà sábà máa ń béèrè nígbà tí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọlọ́kadà ti wọlé sùn, tí hẹ́lísẹ́ńtà sì ti tì. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ tiyín kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má ka ìyókù. Ara gbígbóná lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn ilé tọ́jú mọ́jú. Ẹ wá ọkọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ibà náà ga lóòótọ́?

Ọwọ́ ìyá máa ń mọ̀ pé ara ọmọ gbóná, ṣùgbọ́n kì í mọ bó ṣe gbóná tó, pàápàá bí ọwọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán nínú omi tútù. Ẹ ra tẹmọ́mítà oníbátìrì kan lọ́dọ̀ kẹ́mísítì, kí ẹ sì fi í sí ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Ẹ nu abíyá ọmọ kó gbẹ, ẹ ti orí tẹmọ́mítà náà bọ abíyá, ẹ fi apá ọmọ pa á mọ́ra títí yóò fi dún. Láti 37.5 lọ sókè lábíyá, ibà ni. Bó bá dé 38.5, ó ti ga, a sì lè fún ọmọ ní oògùn tó ń sọ ara kalẹ̀. Láti 39 lọ, ẹ ti mọ̀ pé ẹ kò ní sùn dáadáa lóru yẹn.

Ṣé bí iye náà bá ti ga, kí n gbé ọmọ jáde lóru náà?

Rárá o. Iye tí tẹmọ́mítà ń pè kọ́ ni yóò sọ fún yín bí àìsàn náà ṣe le tó. Ọmọ tí ara rẹ̀ jẹ́ 39.8 tó ń bínú, tó ń mu ọyàn, tó ń ti ọwọ́ yín kúrò, ọkàn mi balẹ̀ sí i ju èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 38.2 tó dùbúlẹ̀ gbọlọjọ tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní parasitamọ́ọ̀lù, kí wọ́n dúró fún wákàtí kan, kí wọ́n wá wo ọmọ náà dáadáa. Ibà nìkan tó láti mú kí ọmọ rẹ̀, kó sì máa mí kíákíá. Nígbà tí ara bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ óò rí ohun tó wà lábẹ́ ibà náà. Bó bá jókòó, tó béèrè omi, tó wo ojú yín, ẹ lè dúró di àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí ara bá sọ̀kalẹ̀ tí ọmọ kò yí padà, ìyẹn ni kò ṣeé fi sùn.

Kí ni àwọn àmì tí kò gba ìdúró?

Bí ọmọ kò bá lè mu omi tàbí ọyàn rárá. Bó bá ń bì gbogbo ohun tó wọ ẹnu rẹ̀. Bí gìrì bá gbé e. Bó bá ń sùn tí ẹ kò lè jí i dáadáa, tàbí tó lajú ṣùgbọ́n tí kò dá yín mọ̀. Àwọn mẹ́rin yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ní hẹ́lísẹ́ńtà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì tó láti mú yín wá ọkọ̀ lóru.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mímí. Ẹ ká aṣọ ọmọ sókè nígbà tó bá ń sùn tàbí tó fara balẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan iná sí ikùn àti àyà rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà gbé sókè fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di méjì, nítorí ọmọdé kì í mí déédéé. Fún ọmọ tó ti pé ọdún kan, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yára jù. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń fa èémí sínú, ẹ má tún kà á mọ́, ẹ máa lọ.

Ẹ tún wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Bí tirẹ̀ bá funfun gan-an, ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀, ibà ẹ̀fọn sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì, ọrùn tó le tí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, àwọn àmì pupa tàbí dúdú lára tí kì í parẹ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, gbogbo ìwọ̀nyí náà kò gba ìdúró.

Parasitamọ́ọ̀lù mélòó ni kí n fún un?

Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ìwọ̀n ara ọmọ ni à ń fi díwọ̀n oògùn. A kì í fi ọjọ́ orí rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi bí ara ṣe gbóná tó díwọ̀n rẹ̀. Mílígíráàmù 10 sí 15 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ẹ ó rí iye kílò tí wọ́n kọ síbẹ̀ kẹ́yìn. Bí ọmọ bá jẹ́ kílò 11, iye tó tọ́ sí i wà láàárín mílígíráàmù 110 sí 165.

Ẹ wá gbé ìgò oògùn náà sún mọ́ iná, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Oògùn olómi tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa máa ń jẹ́ 120mg/5ml tàbí 125mg/5ml. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mílílítà 5 ní mílígíráàmù 120 tàbí 125 nínú. Fún ọmọ kílò 11 yẹn, mílílítà 5 tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́, èyí tí à ń kán sí ẹnu, tí wọ́n sábà máa ń kọ 100mg/ml sí. Oògùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá fún ọmọ ní mílílítà 5 nínú èyí ti fún un ní mílígíráàmù 500, ó sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó tọ́ sí i lọ. Ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù parasitamọ́ọ̀lù ń bà jẹ́, kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ lè máa ṣeré ní ọ̀la kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú.

Ṣíbí ilé kò ṣeé gbára lé, nítorí kò sí méjì tó rí bákan náà. Ẹ ní kí kẹ́mísítì fún yín ní síríńjì mílílítà 5 tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fa oògùn sí i, kí ẹ rọra fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dà á sí ọ̀nà ọ̀fun, ẹ má sì di ọmọ nímú kó lè gbé e mì.

Kí wákàtí 4 tó pé, ẹ kò gbọ́dọ̀ tún un fún un, kódà bí ara bá tún gbóná. Ìgbà mẹ́rin ni ó pọ̀ jù láàárín wákàtí 24. Ẹ yẹ oògùn ọ̀fìnkìn tàbí ti ikọ́ tí ẹ ní nílé wò pẹ̀lú, nítorí púpọ̀ nínú wọn ní parasitamọ́ọ̀lù nínú láìjẹ́ pé orúkọ wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá bì í ńkọ́?

Bó bá bì í kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, tí ẹ rí oògùn náà nínú ohun tó bì, ẹ lè tún un fún un lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kà á sí pé ó ti wọlé, kí ẹ dúró títí wákàtí 4 yóò fi pé. Bó bá tún bì èkejì, ẹ padà sí àwọn àmì tí kò gba ìdúró.

Ẹ fi àpẹẹrẹ hàn wá bí òru kan ṣe lè lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó jẹ́ oṣù 22, kílò 11, ní abúlé kan níhà Búnú, níbi tí ọ̀nà dé Kàbà ti jìn tí ó sì burú ní ìgbà òjò. Ní aago 9 alẹ́, tẹmọ́mítà pe 39.4. Ó ń sunkún, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó mu ọyàn. Ìyá bọ́ súwẹ́tà lára rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì fúláfúlá kan sílẹ̀, ó ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì. Ní aago 9:10, ó fún un ní mílílítà 5 nínú oògùn 120mg/5ml. Ó mú bíírò, ó kọ aago náà sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́. Kíkọ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: tí bàbá bá jí lóru tí ìyá ti sùn, kò ní tún un fún ọmọ.

Ní aago 10:10, ara rẹ̀ jẹ́ 38.5. Kò tíì dé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ti là, ó béèrè omi, ó mu ìdajì kọ́ọ̀pù. Ìyá ka mímí rẹ̀ nígbà tó sùn: 34. Ó dára. Iṣẹ́ oògùn kọ́ ni láti sọ ara di 37, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ara tu ọmọ kó lè mu nǹkan. Nítorí náà ìyá sùn ti ọmọ, ó sì fi aago fóònù sí wákàtí mẹ́ta síwájú.

Ní aago 1:30, ó tún gbóná, 39.2. Wákàtí 4 ti pé láti aago 1:10, ó sì fún un lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó kàn kò lè ṣáájú 5:30. Bí ọmọ bá ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ ní aago yẹn, kò sí ìdí láti jí i nítorí oògùn, àmọ́ ẹ jí i díẹ̀ kí ẹ rí i pé ó dá yín mọ̀, kí ẹ sì fún un ní omi. Ní aago 5, ó mu ọyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí hẹ́lísẹ́ńtà pẹ̀lú káàdì náà. Nọ́ọ̀sì ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, ó ní ó wà. Ká ní ní aago 10:10 ni ara ti sọ̀kalẹ̀ tí ọmọ sì ń sùn gbọlọjọ tí kò fẹ́ mu omi, aago 10:10 yẹn ni wọn ì bá ti ké sí ọlọ́kadà.

Ṣé kí n fi aṣọ tútù nù ún?

Bó ti wù kó rí, ẹ má lo omi tútù. Omi tútù máa ń mú kí ara gbọ̀n, gbígbọ̀n náà sì ń mú kí ooru inú pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń jìyà. Bó bá wù yín, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún ní iwájú orí, abíyá àti ìta itan, ní kété tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ dá a dúró. Ọtí líle àti ìpara òtútù tí à ń fi pa ara kò yẹ rárá. Awọ ọmọ máa ń fa wọ́n mu. Bó bá ń gbọ̀n nítorí ibà ń gòkè, ẹ fi aṣọ fúláfúlá bò ó títí gbígbọ̀n yóò fi dúró, kí ẹ wá ká a kúrò. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kì í lé ibà jáde.

Gìrì ń kọ́? Kí ni mo máa ṣe bó bá gbé e?

Gìrì tí ibà ń fà máa ń mú ọmọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ó máa ń dẹ́rù bani gan-an: ojú yí sókè, ara le, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń fò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń dúró fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe kò pọ̀, ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ló pọ̀.

Ẹ gbé e sílẹ̀ lórí ẹní, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àti igun. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Ẹ wo aago lójú ẹsẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kan máa ń dà bí wákàtí nígbà náà. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tó dúró tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tó dúró tí ọmọ kò jí, ilé ìwòsàn ni, òru yòówù kó jẹ́. Bó bá tètè dúró tí ọmọ sì jí tó ń sunkún, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lóru náà, torí gìrì lè wá láti inú ibà ẹ̀fọn tó ti kan ọpọlọ, tàbí láti inú àìsàn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ. Ẹ̀yin kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nílé.

Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Ọmọ kì í gbé ahọ́n mì, ṣùgbọ́n eyín lè dá, ìka sì lè gé. Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu nígbà tó ń gbọ̀n, omi ni o, àdí ni o, parasitamọ́ọ̀lù ni o: ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà á. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná. Mo ti rí ọmọ tí gìrì rẹ̀ lọ, tí egbò iná wá dá a dúró sí ilé ìwòsàn.

Ìyá àgbà ní àgbo ìtọ̀ màlúù ló ń wo gìrì.

Mo mọ̀. Ìyá àgbà kò fẹ́ ibi fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ má sì bá a jà. Ṣùgbọ́n àgbo yẹn, tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, tábà, àlùbọ́sà àti ewé ṣe, máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ó sì ń jẹ́ kí mímí dín kù. Ibà ẹ̀fọn tó le fúnra rẹ̀ sì ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lára ọmọ kan ní òru kan náà, ọmọ náà lè dákú kó má jí. Bí wọ́n bá ti fún un kí ẹ tó dé, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìfi pa mọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fún ìyá àgbà ní iṣẹ́ míì: ẹ̀yin ni kí ẹ mú aago, ma, kí ẹ máa ka mímí rẹ̀ fún mi.

Ṣé eyín tó ń hù kọ́ ló fà á?

Eyín lè mú kí ọmọ máa dá itọ́, kó máa bínú. Kì í gbé ara dé 39. Bí ẹ bá pe ibà ẹ̀fọn ní ibà eyín, ọjọ́ méjì ti lọ kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Kí ni kó mu, kí ni kó jẹ?

Ọyàn, omi tó mọ́, ẹ̀kọ, omi ọbẹ̀, ohunkóhun tó bá fẹ́. Díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè. Bó bá ń yàgbẹ́ tàbí tó ń bì, ẹ lo iyọ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ ORS. Ẹ fi iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pò ó, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Bó bá bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi oúnjẹ há a lọ́fun, ọmọ tí kò jẹun lóru kan kò tíì bọ́ sínú ewu. Èyí tí kò mu omi ni.

Àjẹkù oògùn ibà wà nílé. Ṣé kí n fún un?

Àjẹkù kì í ṣe ìtọ́jú. Oògùn ibà ẹ̀fọn tí wọ́n ń kọ fún ọmọ, èyí tó ní àtẹ́mítà àti lumẹfantríìnì, ìgbà mẹ́fà ni láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá lo ẹyọ méjì péré yóò dín kòkòrò náà kù, ọmọ á túra ká, àyẹ̀wò lè má mú nǹkan tó ṣe kedere jáde mọ́, ibà á sì padà wá lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Bí kẹ́mísítì abúlé yín bá ní ohun àyẹ̀wò tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kán kan fi ìdí ibà ẹ̀fọn múlẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú 20, ẹ jẹ́ kó ṣe é, kó sì fún yín ní odindi.

Ásípírìn kò yẹ fún ọmọdé rárá. Ibupurofẹ́ẹ̀nì náà ń sọ ara kalẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń yàgbẹ́ tàbí tí kò mu omi, ó lè pa kíndìnrín lára, nítorí náà lóru tí kò sí dókítà nítòsí, parasitamọ́ọ̀lù nìkan tó. Oògùn apakòkòrò tí ẹ rà fún ọmọ àkọ́bí yín lọ́dún tó kọjá, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bí a bá ní láti lọ lóru, kí ni a ó ṣe lójú ọ̀nà?

Ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra, bí nẹ́tíwọọ̀kì bá wà. Ilé ìwòsàn ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ súnmọ́ àwọn tó wà níhà Yàgbà, ọsibítù ìjọba ní Kàbà sì súnmọ́ àwọn ará Búnú àti Ìjùmú ju Lọ́kọ́ja lọ. Hẹ́lísẹ́ńtà abúlé lè ní oògùn ibà ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń ti bọ ihò ìdí ọmọ kó tó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí nọ́ọ̀sì bá ń gbé nítòsí, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó kọjá.

Lórí ọ̀kadà, ẹni tó gbé ọmọ kó jókòó láàárín awakọ̀ àti ẹnìkejì, kí ọmọ wà ní ìdúró ní àyà rẹ̀, kí imú àti ẹnu má bò, kí aṣọ má sì pọ̀ jù. Ọmọ tó ti ń sùn gbọlọjọ, tí kò lè mu nǹkan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ mú ṣíbí tíì kan ṣúgà, ẹ kán omi méjì sí i kó lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú orí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20. Kì í rọ́pò ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó lè gbé ọmọ dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́, ara rẹ̀ ti tutù, ó ń ṣeré. Ṣé mo ṣì máa lọ?

Ẹ lọ. Ibà ẹ̀fọn máa ń lọ kó tún padà, òwúrọ̀ tó tutù sì ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń gba oko lọ. Láàárín wákàtí 24 tí ibà bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún un. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání, pẹ̀lú káàdì tí ẹ kọ aago sí, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ìgbà tí èyí tó kàn yẹ.